Fídíò Wa Wà Nílẹ̀, Ṣùgbọ́n Ẹnikẹ́ni Ò Rí I: Bí A Ṣe Ń Kọ Orúkọ Àlejò, Kókó Ọ̀rọ̀ àti Gbólóhùn Sábẹ́ Pọ́díkáàsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, èmi fúnra mi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá kan wà ní Ìpótì-Èkìtì níbí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́mu. Mo gbé kámẹ́rà lọ bá wọn ní ulé wọn, a sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀pẹ, bí wọ́n ṣe ń dá ẹmu, àti ìdí tí wọ́n fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo gbé fídíò náà sórí YouTube, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá papòdà. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sin wọ́n, ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun pè mí. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, fídíò tí ẹ ṣe fún bàbá wa dà? Òru méjì rèé tí mo ti ń wá a. A fẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ ohùn wọn níbi ìsìnkú.”

Mo ní kò le, mo máa fi ránṣẹ́ kíá. Ha! Èmi gan-an wá a tì. Ohun tí mo kọ sórí fídíò náà ni “Ẹ̀dà 17: Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí bàbá yìí sọ!” Kò sí orúkọ bàbá níbẹ̀, kò sí Ìpótì, kò sí ọ̀pẹ, kò sí ẹmu. Nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kí n ti ṣàlàyé, mo kàn kọ ọ́ pé kí ẹ bá wa tẹ aago pupa. Ìgbà tí mo rí fídíò náà tán, ọmọ bàbá tún ní gbólóhùn kan wà tí bàbá máa ń sọ, pé ìyẹn gan-an lòun fẹ́. Mo fi etí sí i títí di aago méjì òru kí n tó bá a ní ìṣẹ́jú 38.

Látìgbà yẹn ni mo ti jókòó kọ́ iṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ fídíò ń pè ní mẹtadátà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ tí a kọ mọ́ fídíò lọ, kí ẹni tí kò tíì wò ó lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wá nǹkan kò mọ ojú bàbá. Ohun tí a bá kọ ló máa kà.

Orúkọ àlejò ni ká kọ́kọ́ mú. Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnì kan lè ní orúkọ mẹ́ta. Ẹ wo King Sunny Adé: Sunday Adéníyì Adégẹyè lorúkọ wọn gan-an, ṣùgbọ́n ta ló máa fi ìyẹn wá orin wọn? Ẹ wo ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn tó jẹ́ ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, Jacob Festus Adéníyì Àjàyí. J. F. Adé Àjàyí ni wọ́n kọ sára ìwé wọn, òun náà sì làwọn èèyàn fi ń wá wọn. Nítorí náà, kí n tó tan kámẹ́rà báyìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi àlejò ni pé, “Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí wọ́n fi mọ̀ yín?” Lẹ́yìn náà ni mo máa bi wọ́n léèrè orúkọ àdúgbò, oyè tí wọ́n bá jẹ, àti ìlú wọn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pè é sínú kámẹ́rà, kí n má bàa gbé àmì ohùn síbi tí kò yẹ. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ kí orúkọ kíkún jáde, orúkọ àdúgbò nìkan ni mo máa lò.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa kọ orúkọ náà lọ́nà méjì. Ọ̀kan á ní àmì lórí àti ìsàlẹ̀, èkejì á wà láìní àmì rárá, torí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi fóònù wá nǹkan kì í tẹ àmì. Ẹni tó bá ń wá akéwì ọmọ Ìkéré-Èkìtì n nì, Niyi Osundare lásán ló máa tẹ̀, kò ní tẹ Níyì Ọ̀ṣúndáre. Ìlú náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ̀n Aláayè tó wà nítòsí wa níbí, àwọn kan ń kọ ọ́ ní Efon Alaaye, àwọn kan Efon-Alaye, inú ìwé àtijọ́ sì rèé, Efon-Alaiye ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Tags sí lórí YouTube ni mo máa ń kó irú èyí sí. Àwọn YouTube fúnra wọn sọ pé Tags kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan fún wíwá, àfi fún ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń ṣì kọ. Iṣẹ́ tó bá a mu nìyẹn, ẹ má fi kún un.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú kíkọ láìní àmì. Bàbá sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí igbà, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Tí ẹ bá yọ àmì kúrò, ó di “igba”. Ṣé okùn ni àbí igbá ìbùmu, àbí ìgbà òjò, àbí igba náírà? Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ọ̀rọ̀ kejì tì í. Mo kọ “igbà, okùn ìgunpẹ” àti “okun igba ti won fi n gun ope”. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa sọ irú igba tó jẹ́.

Ní ti Title, YouTube kò gbà ju lẹ́tà 100 lọ, àlàfo inú rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Lójú fóònù, gbogbo rẹ̀ kì í hàn tán, wọ́n á gé ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí orúkọ àlejò àti kókó ọ̀rọ̀ máa ṣíwájú, kí nọ́ńbà ẹ̀dà máa gbẹ́yìn. Fídíò bàbá ti di “Bàbá Ẹlẹ́mu Ìpótì-Èkìtì: Bí a ṣe ń gun ọ̀pẹ, bí a ṣe ń dá ẹmu | Ẹ̀dà 17”. Kò dùn lẹ́nu tó ti àkọ́kọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá a á rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gbólóhùn, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹ̀kọ́ jù. Ohun tí ọmọ bàbá rántí ni “Iṣẹ́ ọ̀pẹ kọ́ ló fẹ́ pa mí, àìgun ọ̀pẹ ni.” Ohun tó jáde lẹ́nu bàbá nínú fídíò ni “Uṣẹ́ ọ̀pẹ kọ́ ló fẹ́ pa mí, àìgùn ún ni.” Èkìtì ni bàbá ń sọ. Ẹni tó bá ń wá “iṣẹ́” kò ní bá “uṣẹ́” pàdé. Bẹ́ẹ̀ mi ò lè tún ọ̀rọ̀ bàbá ṣe kí n wá ní àwọn ló sọ ọ́. Nítorí náà mo kọ méjèèjì: ọ̀rọ̀ bàbá gan-an nínú àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, lẹ́yìn náà “ní Yorùbá àjùmọ̀lò” láìsí àmì ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ ò rí i pé ẹ̀dà kejì yẹn jọ èyí tó wà lórí ọmọ wọn? Bí àwọn èèyàn ṣe ń rántí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n máa fi wá a.

Mi ò ń kọ ju gbólóhùn márùn-ún lọ fún fídíò kan. Èyí tí mo bá yàn gbọ́dọ̀ dá dúró kó sì ní ìtumọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tàbí nǹkan tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú. “Ọlọ́run tóbi” kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí nínú gbogbo fídíò ló wà. Tí mo bá kọ ọ́ tán, mo máa tún fi etí sí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìlàjì ìṣẹ́jú ṣáájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, àlejò ń sọ ohun tí ẹlòmíì wí ni, tàbí ó ń fi nǹkan ṣe ẹ̀fẹ̀. Tí ẹ bá gé e bẹ́ẹ̀, ẹ ti pa irọ́ mọ́ ọn nìyẹn.

Èyí tó kù ni àkókò. Tí ẹ bá kọ ìṣẹ́jú sínú Description, YouTube máa gé fídíò sí orí-orí. Ṣùgbọ́n ó ní òfin: ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0:00, ó kéré tán kó jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kí orí kọ̀ọ̀kan má sì dín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ohun tí mo kọ fún bàbá rèé:

```
0:00 Bàbá Ẹlẹ́mu Ìpótì-Èkìtì sọ ta ni wọ́n
4:25 Igbà: okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ
15:40 Bí a ṣe ń dá ẹmu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́
29:05 Ọjọ́ tí igbà já
38:12 “Uṣẹ́ ọ̀pẹ kọ́ ló fẹ́ pa mí, àìgùn ún ni”
44:30 Àwọn ọmọ tí kò kọ́ iṣẹ́ náà
```

Ẹ wò ó pé gbólóhùn yẹn ni mo fi ṣe orúkọ orí. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń to orí sọ́tọ̀, kí n wá tún to gbólóhùn pẹ̀lú ìṣẹ́jú tirẹ̀ sísàlẹ̀. Àkókò á wá lọ síwájú, á tún padà sẹ́yìn, òfin ti bàjẹ́ nìyẹn. Àkójọ kan ṣoṣo ló dáa. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ kò le: ẹ wo ìlà tó ń lọ nísàlẹ̀ fídíò. Tí kò bá gé sí wẹ́wẹ́, ẹ padà lọ wo 0:00, òun ló sábà máa ń sọnù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fún un lọ́jọ́ díẹ̀, kí ẹ wá dán an wò. Ẹ má fi àkáǹtì tiyín wá a, torí YouTube ti mọ̀ pé fídíò yín lẹ máa ń wò, á kàn gbé e síwájú yín láti fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì, tàbí kí ẹ yá fóònù ẹni tí kì í wo ètò yín. Ẹ tẹ orúkọ láìní àmì, ẹ tẹ orúkọ àdúgbò pẹ̀lú ìlú, ẹ tẹ kókó ọ̀rọ̀, ẹ wá tẹ gbólóhùn bí ẹni tó gbàgbé ìdajì rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe é fún ti bàbá, “Baba Elemu Ipoti” gbé e jáde, gbólóhùn náà sì gbé e jáde. “Emu” lásán kò gbé e jáde, mi ò sì retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò jù, fídíò ẹlẹ́mu kò lóǹkà.

Ọmọ bàbá rí ohùn tó ń wá. Wọ́n gbé e sí i níbi ìsìnkú, láti 38:12, gbogbo ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi ni mo fi òru méjì rẹ̀ ṣòfò. Fídíò 41 ló wà lórí ètò wa. Mo ti tún mọ́kàndínlógún ṣe, àwọn tó dàgbà jù ni mo fi ṣáájú. Tí ẹ bá ní òbí tàbí ẹbí tó ti bá wa sọ̀rọ̀ rí, ẹ fi orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n nílé ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ kún un. Wọ́n á wà lára àwọn tí mo máa mú tẹ̀lé e.