Kí Windows Tó Jí: Ohun Tó Ya BIOS àti UEFI Sọ́tọ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ kan ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ímeèlì gbà lọ́wọ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ó ní ìwé ìwáṣẹ́ òun wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ gbé e wálẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kú lójijì, á sì tún tàn fúnra rẹ̀. Á rí ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ pé Windows ń tún díìsìkì ṣe, kó má ṣe pa kọ̀ǹpútà rárá. Irọ́ pátápátá ni. Windows kò tíì jí nígbà yẹn. Petya ló wà níbẹ̀, ó ń ti ìwé tí díìsìkì fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà pa. Bó bá ti ṣe tán, agbárí òkú tí wọ́n fi àmì dọ́là yà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó ń pupa, ó ń funfun, ó ń béèrè owó.

Àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn lè ní ètò tó ń pa fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n inú Windows ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá ti ṣáájú Windows dé, kò sí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè. Ibi tí BIOS àti UEFI ti yàtọ̀ síra gan-an nìyẹn.

BIOS ni ètò kékeré tí IBM fi sínú ṣíìpù kan lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti ọdún 1981, tí àwọn yòókù sì ń bá bọ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bí o bá tẹ bọ́tìnì, òun ló kọ́kọ́ jí. Á yẹ mẹ́mọ́rì àti kíbọ́ọ̀dù wò, á wá lọ sórí díìsìkì, á sì gbé báìtì 512 àkọ́kọ́ sínú mẹ́mọ́rì. Ìwọ̀nba báìtì yìí là ń pè ní MBR. Nínú rẹ̀, 446 ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, 64 ni ìwé bí wọ́n ṣe pín díìsìkì, méjì tó kẹ́yìn sì ni àmì. Lórí Línọ́ọ̀sì, o lè fi ojú ara rẹ rí àmì náà:

```
sudo dd if=/dev/sda bs=512 count=1 | xxd | tail -1
000001f0: 0000 0000 0000 0000 0000 0000 0000 55aa  ..............U.
```

`55aa` tó wà lápá ọ̀tún yẹn ni gbogbo ẹ̀rí tí BIOS ń béèrè. Bó bá ti rí i, á fa kọ̀ǹpútà lé àṣẹ yẹn lọ́wọ́, ó parí. Kò bi í pé ta ló kọ ọ́, kò sì wò ó bóyá ó ti yí padà láti àná. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò gbọ́n. Lọ́dún 1981, ta ló ń ronú pé ẹnì kan ní ìlú mìíràn yóò fẹ́ kọ nǹkan sórí díìsìkì òun? Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní 1986, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Brain jáde láti ìlú Láhọ̀ọ̀ ní Pakísítánì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kà lórí díìsìkì pẹlẹbẹ ni òun náà sì lúgọ sí. Ohun tí Petya ṣe ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kò yàtọ̀ sí i: ó nu MBR, ó kọ tirẹ̀ sí i, ó sì mú kí kọ̀ǹpútà kú kó tún tàn.

UEFI kò ń gbà báyẹn ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ Intẹ́ẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó fẹ́ fi ṣíìpù Itẹ́níọ́ọ̀mù ṣe, ní 2005 ni àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì dara pọ̀ láti máa bójú tó o. Ṣíìpù orí mọ́dàbọ́ọ̀dù lòun náà ń gbé, àmọ́ ó mọ̀wé kà ju BIOS lọ. Ó lè ka ìpín díìsìkì, ó sì lè ṣí fáìlì. Dípò kó gbé báìtì 512 láìwo ojú ẹnikẹ́ni, á lọ sínú ìpín kékeré kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, á wá fáìlì tí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ti Windows ni `\EFI\Microsoft\Boot\bootmgfw.efi`. Àṣẹ inú MBR kò kàn án, kò ní tẹ̀ lé e. Nítorí náà, àrékérekè tí Petya fi ń ṣáájú Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi UEFI tàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè ba díìsìkì jẹ́.

Ẹ dúró ná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, pé kọ̀ǹpútà tó bá ti jẹ́ UEFI ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. UEFI lásán ń wá fáìlì nípa orúkọ. Bí ẹnì kan bá yọ `bootmgfw.efi` tòótọ́ kúrò, tó fi ayédèrú tó jẹ́ orúkọ kan náà rọ́pò rẹ̀, UEFI á ṣí i. Ohun tó ń dí ihò yìí ni Secure Boot, tó wọ inú ìlànà UEFI ní 2011, tó sì tàn kálẹ̀ nígbà tí Windows 8 jáde ní 2012. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, ìwé méjì wà nínú ṣíìpù náà. Èyí tó ń jẹ́ `db` ni ti àwọn tí a gbà òǹtẹ̀ wọn, Maikirosọ́fítì sì ni àgbà nínú wọn. `dbx` ni ti àwọn fáìlì àti òǹtẹ̀ tí a ti kọ̀ sílẹ̀. Kí UEFI tó ṣí fáìlì, á yẹ òǹtẹ̀ ara rẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kan báìtì kan ṣoṣo nínú fáìlì náà, òǹtẹ̀ kò ní bá a mu mọ́. Àwọn tó ṣe Línọ́ọ̀sì náà ń gba òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ Maikirosọ́fítì fún ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní `shim`. A ó padà bá a.

Lọ́dọ̀ tiwa, laptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ènìyàn, ibẹ̀ ni mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe wá níkà. Ẹ̀rọ náà ní UEFI, ó ní Secure Boot, ṣùgbọ́n ẹni tó fi Windows sí i ní Ìkẹjà ń lo fíláàṣì àtijọ́ tí UEFI kò mọ̀. Á wọ inú ètò ìbẹ̀rẹ̀, á yí i sí `Legacy` tàbí kó tan `CSM`, ìyẹn apá UEFI tó ń ṣe bíi BIOS, á pa Secure Boot, á fi Windows sí i, á sì gbé e fún oníbàárà. Kò sí ohun tó máa fi hàn ọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. O ra kọ̀ǹpútà tó mọ̀ bó ṣe ń béèrè ẹ̀rí, àmọ́ ó ń tàn bíi ti 1981.

Tẹ `msinfo32` síbi ìwákiri Windows, kí o wo ìlà méjì. Bí `BIOS Mode` bá sọ pé `Legacy`, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Bó bá sọ pé `UEFI`, wo `Secure Boot State`: `On` ló dára, `Off` sì túmọ̀ sí pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ní títàn.

Má ṣe sáré lọ yí `Legacy` sí `UEFI` o. Díìsìkì tí wọ́n pín fún BIOS kò ní ìpín kékeré tí UEFI ń wá, nítorí náà kọ̀ǹpútà á kàn sọ pé òun kò rí ohun tí òun máa fi tàn. Kọ́kọ́ kó fáìlì rẹ pamọ́ sórí díìsìkì mìíràn. Bí BitLocker bá wà ní títàn, dá a dúró ná. Lẹ́yìn náà, ṣí ojú àṣẹ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí o tẹ èyí:

```
mbr2gpt /validate /allowFullOS
mbr2gpt /convert /allowFullOS
```

Ti àkọ́kọ́ kàn ń yẹ díìsìkì wò ni, kò yí ohunkóhun padà. Ìpín gidi kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ, torí pé èkejì nílò àyè láti dá ìpín tuntun sílẹ̀. Bí èkejì bá ti yọrí, ìgbà yẹn ni kí o tún kọ̀ǹpútà tàn, kí o wọ inú ètò ìbẹ̀rẹ̀, kí o yí i sí UEFI, kí o sì tan Secure Boot.

Ṣé ẹni tó bá ṣe gbogbo ìyẹn lè wá sùn fọnfọn? Láti oṣù kẹwàá 2022, ẹnì kan ti ń ta ohun ìjà kan tó ń jẹ́ BlackLotus fáwọn ọ̀daràn ní 5,000 dọ́là. Nígbà tí àwọn olùwádìí iléeṣẹ́ ESET tú u wò ní oṣù kẹta 2023, wọ́n rí i pé ó ń borí Secure Boot lórí Windows 11 tí wọ́n ti fi gbogbo àtúnṣe sí. Kì í ṣe pé ó ṣe ayédèrú òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ Maikirosọ́fítì gidi ló lò. Àlébù kan wà nínú `bootmgfw.efi` àtijọ́, Maikirosọ́fítì sì tún un ṣe ní oṣù kìíní 2022. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ fáìlì àtijọ́ náà sínú `dbx`. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé, tí wọn kò gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè á wo káàdì, á rí i pé ojúlówó ni, á ṣí gééètì.

BlackLotus kọ́kọ́ nílò agbára alábòójútó lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń tẹ fáìlì tí wọn kò mọ̀ ló sì ń fún un. Ó ń gbé fáìlì àtijọ́ náà wá fúnra rẹ̀, ó ń fi àlébù inú rẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ìwé tí `shim` ń gbà gbọ́. Láti ìgbà náà lọ, `shim` tó ní òǹtẹ̀ gidi yóò máa ṣí `grubx64.efi` tí ọ̀daràn kọ, bí ẹni pé kò sí nǹkan. Á pa BitLocker, á pa Windows Defender. Ó ń wo èdè tí wọ́n fi ṣètò kọ̀ǹpútà pẹ̀lú: bó bá jẹ́ ti Rọ́ṣíà, Yukirénì, Bẹ̀lárúùsì, Àmẹ́níà, Kàsàkísítánì tàbí Mòlídófà, kò ní ṣe nǹkan kan. Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tó ń ṣàánú.

Kí ló wá dé tí Maikirosọ́fítì kò tètè kọ àwọn fáìlì náà sílẹ̀? Fíláàṣì àti díìsìkì ìmúpadàbọ̀sípò àìmọye ló ní fáìlì àtijọ́ yìí nínú. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lójijì, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ á rí i pé ohun tó fi pamọ́ kò tàn mọ́. Ìdí nìyí tí àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2023 fi ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé wọ́n lọ́ra jù, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ náà kan 2026 pẹ̀lú. Sàtífíkéètì tí Maikirosọ́fítì fi ń tẹ òǹtẹ̀ láti 2011 ni ọjọ́ orí wọn ń parí bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ti 2023 ló sì ń rọ́pò wọn. Kọ̀ǹpútà tí kò ní tuntun kò ní kọ̀ láti tàn, àmọ́ kò ní lè gba àtúnṣe tuntun fún apá ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Láti mọ̀ bóyá tìrẹ ti ní i, ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí o tẹ èyí lórí ìlà kan:

```
[System.Text.Encoding]::ASCII.GetString((Get-SecureBootUEFI db).bytes) -match 'Windows UEFI CA 2023'
```

Bó bá dáhùn `True`, ó ti wọlé. Bó bá dáhùn `False`, jẹ́ kí Windows Update parí iṣẹ́ rẹ̀, kí o sì wo ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà bóyá wọ́n ti gbé UEFI tuntun jáde fún irú rẹ. Bó bá sì kọ àṣìṣe pupa pé ẹ̀rọ náà kò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, padà sí `msinfo32`: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé `Legacy` ni wọ́n tà fún ọ.