Ìgbà Wo Gan-an Ni Ògì Ń Kan?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyá ológì kan ní Ìbàdàn fẹ́ kóńgò àgbàdo funfun mẹ́rin. Ó ṣa òkúta àti hóró tí kòkòrò ti jẹ kúrò, ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, ó sì dà á sínú ìkòkò. Omi tó bù lé e pọ̀ gan-an, torí pé àgbàdo a máa wú nínú omi.

Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń rẹ àgbàdo ògì. Bí ooru bá mú, ọjọ́ méjì ti tó. Lásìkò ọyẹ́ tí omi tutù, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń kánjú máa ń da omi gbígbóná lé e kí ó lè tètè rọ̀. Ìyá yìí kì í ka ọjọ́, èékánná ló fi ń mọ̀. Bó bá tẹ hóró kan tí èékánná rẹ̀ wọlé dé àárín láìkan ibi líle, ó ti tó í lọ̀ nìyẹn. Bí àárín bá ṣì le, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ̀ ọ́ tó lè kúnná. Ògì tí yóò máa ha ọ̀fun ni yóò jáde níbẹ̀.

Nínú ìkòkò yẹn, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tí wọ́n ti wà lára àgbàdo láti oko, ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tó ń mú wàrà kan. Ásíìdì yìí ló ń fún ògì ní òórùn àti adùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́, òun náà ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ráyè níbẹ̀. Ìyá ológì ń pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kí ó má baà pọ̀ jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó gbé àgbàdo lọ sí ilé ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi omi ṣan ẹ̀rọ náà dáadáa, nítorí ata ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ níbẹ̀, ta ló fẹ́ mu ẹ̀kọ tó ń ta lẹ́nu? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá a lọ̀ ọ́. Nílé, ó so aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹnu agbada, ó ń bu ògì lé e díẹ̀díẹ̀, ó ń da omi sí i, ó sì rọra ń fi ọwọ́ rò ó. Asẹ́ oníke yá ju aṣọ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fẹ̀, èèrí wẹ́wẹ́ a sì máa bá ògì jáde. Èèrí tó kù di ti ewúrẹ́. Ó ṣeni láàánú pé púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣara lóore ló ń bá èèrí lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì fi pa ẹ̀wà sóyà pọ̀ mọ́ ògì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ògì ti tòrò sí ìsàlẹ̀, omidùn sì wà lórí rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ògì ti ń kan jù. Rírẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá wí, wọn ò rántí pé iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà kò tíì parí. Nínú ògì tí a ti lọ̀ tí a sì ti sẹ́, kò sí èèpo tó ń dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ọmọbìnrin kan ra ògì lọ́wọ́ ìyá yìí ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi í sílẹ̀ nínú ike ní ilé ìdáná, omi kan náà ló wà lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà wá fi ẹjọ́ sùn.

“Ìyá, ògì tí ẹ tà fún mi ti pẹ́ nílẹ̀, ó kan gógó.”

“Ìgbà wo lo pààrọ̀ omi rẹ̀, ọmọ mi?”

Kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ìyá bu díẹ̀ fún un tọ́ wò nínú ògì ọjọ́ kan náà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń da omi rẹ̀ nù láràárọ̀ tó sì ń bu tuntun lé. Ó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le. Àwọn mìíràn tún máa ń fi omíkan ti tẹ́lẹ̀ rẹ àgbàdo tuntun, bẹ́ẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye kòkòrò tó ti gbọ́n sí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń dà sí i.

Ìyá ní kí ọmọbìnrin náà da omi orí rẹ̀ nù, kí ó bu omi tútù sí i, kí ó rò ó pọ̀, kí ó jẹ́ kí ó tòrò fún wákàtí mélòó kan, kí ó tún dà á nù. Èyí a máa dín kíkan kù, kò lè mú un tán. Bí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí dúdú bá ti yọ lójú ògì, tàbí tó ń rùn bí ohun tó ti rà, kò sí fífọ̀ tó lè gbà á, dídànù ni. Èyí tí kò bá ní í tètè tán, kí ó dà á sínú àpò aṣọ, kí ó gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán, kí ó wá dì í ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé sínú fíríìjì. Ọmọbìnrin náà ra ti náírà díẹ̀ sí i, ó sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn.