Pá! Ẹyọ Àtẹ́wọ́ Tó Ń So Ohùn Mọ́ Ẹnu Nínú Fídíò

Níbi tí wọ́n bá ti ń ya fíìmù, ẹnì kan á kọ́kọ́ gbé pátákó síwájú kámẹ́rà, á ka nọ́ńbà ìran tí wọ́n fẹ́ yà, á sì gbá igi orí pátákó náà mọ́lẹ̀: pá! Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣẹ ni, pé kí eré bẹ̀rẹ̀. Àmì ni, wọ́n fi í sílẹ̀ de ẹni tó máa jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti ká ẹrù lọ sílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán kọ́ ló ń gba ohùn tí ẹ máa gbọ́. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń gbà á, wọn ò sì tan àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ohùn tó lè bá ẹnu mu, ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí kámẹ́rà rí tí ẹ̀rọ kejì sì gbọ́.

Ẹni tí kò ní pátákó ní ọwọ́ méjì. Ká ní ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ìyá aláró kan lẹ́nu wò ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Fóònù kan wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní mítà mẹ́ta síwájú ìyá, òun ló ń ya fídíò. Tí ẹ bá gbọ́kàn lé ohùn tí fóònù yẹn ń gbà, ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba iwájú ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ so gbohùngbohùn kékeré mọ́ ọrùn bùbá ìyá, ẹ sì fi fóònù kejì tó ń gba ohùn há ẹ̀gbẹ́ ìró wọn. Ẹ tan méjèèjì. Ẹ wá ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè díẹ̀ kí kámẹ́rà rí i.” Ẹyọ kan, kó dún ketekete, kó má sì wà lẹ́bàá gbohùngbohùn gan-an, nítorí pé ariwo tó bá pọ̀ jù á fọ́ létí rẹ̀. Kí gbogbo yín dákẹ́ díẹ̀ ṣáájú àtẹ́wọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, ohùn máa ń hàn bí ìlà tó ń wú tó sì ń fọn. Ibi tí ìdákẹ́jẹ́ wà, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó rí gbágungbàgun. Ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ dá yàtọ̀: ó yọ sókè ṣóńṣó lójijì, ó sì rọlẹ̀ kíá. Ẹ fa àwòrán náà tóbi títí ẹ ó fi rí orírun ṣóńṣó yẹn. Ká ní ó bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá 41.75 nínú fáìlì ohùn.

Ó wá ku fídíò. Fídíò jẹ́ àwòrán kéékèèké tó ń tẹ̀lé ara wọn, fírémù ni wọ́n ń pè wọ́n. Tó bá jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú àáyá 0.04. Ẹ máa fi bọ́tìnì yí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú fírémù kan, àtẹ́lẹwọ́ ìyá ṣì jìnnà síra. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Èyí tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra ni ẹ ń wá. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 12 àti fírémù 8 ni, ìyẹn 12.32. Ẹ yọ 12.32 kúrò nínú 41.75, ó ku 29.43. Ẹ gé ìṣẹ́jú àáyá 29.43 kúrò níwájú ohùn, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, ohùn ti bá ọwọ́ mu nìyẹn. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó pé, ẹ jẹ́ kí ohùn kámẹ́rà àti ohùn tuntun dún pọ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì bíi gbohùn-gbohùn àpáta, kò tíì pé. Tó bá pé, ẹ pa ohùn kámẹ́rà.

Àwọn kan ò ní ṣe wàhálà yìí rárá. Nínú DaVinci Resolve, wọ́n á mú fáìlì méjèèjì, wọ́n á yan Auto Sync Audio, wọ́n á ní kó lo Waveform, ó parí. Kọ̀ǹpútà á máa ti ìlà ohùn kan síwá sẹ́yìn lórí èkejì títí yóò fi rí ibi tí wíwú àti fífọn wọn ti jọra jù lọ. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ pa ohùn kámẹ́rà nígbà tí ẹ bá ń yà, bó ti wù kó burú tó. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú yàrá. Lóde àríyá ńkọ́, níbi tí ìlù kan náà ń tún ara rẹ̀ ṣe? Kọ̀ǹpútà lè mú ìlù ìkẹta kó so ó mọ́ ìkẹrin, kó sì dá a lójú pé òun ti ṣe é.

Ohun kan tún wà tí kì í tètè hàn sáwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá dúró lókèèrè tó ń wo obìnrin tó ń gúnyán á rí ọmọ odó tó balẹ̀ kó tó gbọ́ ìró rẹ̀, nítorí pé nǹkan bíi mítà 343 péré ni ohùn ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́rọ̀ kámẹ́rà ṣe rí nìyẹn. Ní mítà mẹ́ta, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí kámẹ́rà bá wà lẹ́yìn ìjọ, ní 30 mítà sí oníwàásù, ohùn á pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 0.087 kó tó dé etí rẹ̀, ó lé ní fírémù méjì. Tí kọ̀ǹpútà bá wá so ohùn tó mọ́ mọ́ ohùn tí kámẹ́rà gbọ́, ó ti so ó mọ́ èyí tó pẹ́ nìyẹn, ohùn á sì máa wá lẹ́yìn ẹnu. Àtẹ́wọ́ tí a fojú rí kò ní àléébù yìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wá ibẹ̀, tí mo sì ń fi ojú mi dájọ́.

Ẹ padà sí Ìtòkú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà gba 50 ìṣẹ́jú, ẹ sì ní kí ìyá tún pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n ìró àtẹ́wọ́ ìparí dé lẹ́yìn ọwọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.15, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fírémù mẹ́rin. Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní aago tirẹ̀ nínú, aago méjì kì í sì í dọ́gba pátápátá. Bí ohùn bá yẹ̀ ní iye kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò tò ó dáadáa ni. Bí yíyẹ̀ náà bá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, aago ni. Bó bá fò lójijì láàárín, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kan ti dáwọ́ dúró tàbí kó gé fáìlì sí méjì.

Ti aago, ẹ lè mú kí ohùn yára ní 0.005 nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé 0.15 nínú 3,000 ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Èyí tó wù mí jù ni pé kí ẹ gé ohùn níbi tí ìyá ti dákẹ́ mí, bóyá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sì fa ègé kọ̀ọ̀kan síwájú díẹ̀. Ẹni tó ń wò ó kò ní mọ̀.

Tí ẹ bá gbàgbé àtẹ́wọ́ ńkọ́? Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ètè ti ń pàdé: “bàbá”, “gbogbo”, “pátápátá”. Nígbà tí ètè bá lẹ̀ mọ́ra fún b, gb tàbí p, ìlà ohùn á fọn. Bí ètè bá ṣe là báyìí, ìlà á yọ sókè. Ẹ wá fírémù tí ètè ti kọ́kọ́ là, kí ẹ gbé yíyọ náà sórí rẹ̀. “Aṣọ” tàbí “aró” kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ètè kì í pàdé nínú wọn.