Lẹ́tà Mọ́ọ̀kì Kì í Ṣe Lẹ́tà Owó

Bí lẹ́tà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìsàlẹ̀ ìwé ni ojú ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ ń lọ: èló ni wọ́n ní ká san? Bí wọn kò bá rí owó níbẹ̀, wọ́n á mí kanlẹ̀, lẹ́tà á sì di ohun tí wọ́n há sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́tà mọ́ọ̀kì ni ìyà yìí máa ń jẹ jù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ ìdánwò, aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀, àti ohun tí yóò mú dání. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí máàkì kò lè gbà jò.

Mọ́ọ̀kì ni ìdánwò ìgbáradì tí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá girama ń ṣe kí Wáẹ́kì tó dé. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń ṣètò rẹ̀, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà ló sì ń máàkì rẹ̀. Èsì rẹ̀ kì í wọ ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni wúlò rẹ̀ wà: ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ ṣì ṣeé tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún 2025 ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn kọ̀wé báyìí:

“Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, a kí yín o. Mọ́ọ̀kì àwọn ọmọ yín yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, yóò sì parí ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14. Kí gbogbo ọmọ ti wọ ọgbà kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Yunifọ́ọ̀mù pípé àti sáńdààlì ni kí wọ́n wọ̀. A kò fẹ́ rí kádígàn tàbí aṣọ ilé. Kí wọ́n mú báírò méjì, pẹ́ńsù HB, kílínà, rúlà àti mátì-sẹ́ẹ̀tì dání. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.”

Ẹ wo ọjọ́ yẹn ná. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ni Wáẹ́kì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mọ́ọ̀kì yìí parí sí ìgbà náà, ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni. Ẹ̀yìn ni ọ̀gá ti ka ọjọ́ bọ̀: bí àwọn olùkọ́ bá fi ọ̀sẹ̀ kan máàkì ìwé, ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n yóò fi jókòó ti ọmọ, kí wọ́n sì fi ibi tó ti ṣì í hàn án. Bí mọ́ọ̀kì bá sún mọ́ Wáẹ́kì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé lè má tíì padà sọ́wọ́ ọmọ tí ìdánwò gidi yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí òbí kò fi gbọdọ̀ ka Ọjọ́bọ̀ àti Ọjọ́ Ẹtì inú mọ́ọ̀kì sí ọjọ́ tí a lè yá lò. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ìnáwó òkú àgbà ní Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà, ó lè ṣòro kí ilé ẹ̀kọ́ tún ìdánwò kan gbé kalẹ̀ fún òun nìkan. Ẹ tún wò ó pé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni àwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà. Ọmọ tó ń gbààwẹ̀, tó sì ní ìdánwò àárọ̀ àti ti ọ̀sán lọ́jọ́ kan náà, ó yẹ kí wọ́n tètè jẹ́ kó sùn lálẹ́, kí sààrì má baà já oorun rẹ̀ sí méjì. Àfi kí òbí da tábìlì ìdánwò kọ sára ògiri, kó sì fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò bá pé méjì.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Yunifọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ kí alábòójútó tètè dá àlejò mọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá ṣe ìdánwò fún ẹlòmíràn. Apá kádígàn gùn, àpò rẹ̀ sì jìn. Bébà kékeré kì í wá ibi sá sí níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá dá dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí aṣọ lè wọlé nígbà tí wọ́n ti pín ìbéèrè tán, kò sì sẹ́ni tí yóò fi ìṣẹ́jú tó lọ kún tirẹ̀. Ní ti híjáàbù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀ ọ́ mọ́ yunifọ́ọ̀mù. Bí ìlà aṣọ inú lẹ́tà kò bá yé òbí, kó lọ béèrè kí mọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀, kó má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni ohun tí ọmọ ń mú dání. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọmọ kan wọ gbọ̀ngàn ìdánwò ìṣirò. Apá kìíní ìṣirò Wáẹ́kì jẹ́ àádọ́ta ìbéèrè tí ọmọ yóò yan ìdáhùn wọn láàárín wákàtí kan àbọ̀. Ẹ̀rọ ló ń ka ìdáhùn náà, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé pẹ́ńsù HB ni wọ́n ní kó fi kun ojú ìdáhùn. Báírò kò ṣeé pa rẹ́. Kílínà tó ti dọ̀tí náà ń fi àbàwọ́n sílẹ̀, ẹ̀rọ sì lè rí i bí ìdáhùn méjì sí ìbéèrè kan.

Apá kejì jẹ́ wákàtí méjì àbọ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́, tó gba ogójì máàkì. Lẹ́yìn náà, yóò mú márùn-ún nínú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjìlá. Ìbéèrè kan lè ní kó fi rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan ya igun mẹ́ta. Ọmọ wa mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí mátì-sẹ́ẹ̀tì, kò bá kọ́ńpáàsì níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti fi ṣeré. Kò lè yá ti ẹnìkejì, nítorí pé ojú ìjìbìtì ni alábòójútó fi ń wo nǹkan tó bá ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Ó bá fi ìbéèrè tó mọ̀ sílẹ̀, ó lọ mú èyí tí kò mọ̀. Máàkì méjìlá nìyẹn.

Kódà, kọ́ńpáàsì tó wà níbẹ̀ lè máa parọ́. Bí ìdè rẹ̀ bá dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ṣí bó ṣe ń yí, ìlà kò sì ní pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ fi ya òbìrìkìtì kan lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹnu méjèèjì kò bá kanra, ẹ fún ìdè náà le, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Ti fóònù kò gba àlàyé gígùn. Lọ́wọ́ Wáẹ́kì, bí wọ́n bá bá a lára ọmọ nínú gbọ̀ngàn, èsì rẹ̀ lè di fífagilé, ì báà jẹ́ pé kò tàn án rárá. Kó kọ́ láti fi í sílé nígbà mọ́ọ̀kì.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ má bèèrè C6 mélòó ló ní nìkan. Olùkọ́ kan lè le koko nínú máàkì mọ́ọ̀kì, òmíràn lè lawọ́, èsì náà kò sì lè sọ ti Wáẹ́kì tẹ́lẹ̀. Ìwé ìdáhùn gan-an ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ìyá ọmọ wa ṣí ti ìṣirò, ó bá ìbéèrè tó rò pé ọmọ òun lè fojú dídì ṣe láìfọwọ́kàn.

“Ṣebí o mọ èyí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. N kò ní kọ́ńpáàsì ni.”

Ìyá dìde, ó fa lẹ́tà yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó sì wá ìlà tí wọ́n kọ mátì-sẹ́ẹ̀tì sí.