Orí Bébà Ìdánwò Ni Rédíánì Ti Kọ́kọ́ Jáde

Ní Ore, níbi tí ọkọ̀ Èkó àti ti Benin ti ń dúró, iṣẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà kì í tán. Bí wọ́n bá tú táyà kan sílẹ̀, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama mú okùn, kó wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn táyà dé etí, kó gé e síbẹ̀. Kó wá tẹ́ okùn yẹn kan náà mọ́ etí táyà. Igun tí okùn náà gbà, tí a bá wò ó láti àárín, ni rédíánì kan. Táyà tírélà ni o, ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni o, kò yàtọ̀: dígírì 57 ó lé díẹ̀ ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́, tí wọ́n ń ka nǹkan ní ọgọ́ta-ọgọ́ta, ni a ti jogún 360 tí a pín òbírí sí. Òbírí fúnra rẹ̀ kò bẹ̀ wá ní 360. Ìwé Roger Cotes, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1722 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti ní rédíánì nínú, àmọ́ kò tíì ní orúkọ. Ní 1869, Thomas Muir ní Scotland ṣì ń rò ó bóyá kó pè é ní rad, radial tàbí radian. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1873 ni orúkọ náà kọ́kọ́ hàn nínú ìwé títẹ̀: nínú ìbéèrè ìdánwò tí James Thomson gbé kalẹ̀ ní Queen's College, Belfast. Ó dùn mọ́ mi pé inú ìdánwò tí ọmọ Ore ti ń bá a pàdé lónìí náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yí dígírì 75 padà. Okùn wa máa ń lọ ní ìlọ́po páì, ìyẹn 3.142, ká tó yí ìdajì òbírí ká. Nítorí náà, dígírì 180 jẹ́ rédíánì π. A ó fi π sọ 75 di púpọ̀, a ó sì fi 180 pín in:

75 × π/180 = 5π/12 ≈ 1.309

Ẹni tó bá dorí ìdá náà kodò yóò rí nǹkan bíi 4297. Kó rántí okùn: 75 ju 57 lọ, kò sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín 1 àti 2.

Bí rédíọ́ọ̀sì táyà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, tó sì yí ní dígírì 75, 50 × 1.309 ló rìn, sẹ̀ǹtímítà 65 ó lé díẹ̀. Ẹni tó fi 75 fúnra rẹ̀ sọ 50 di púpọ̀ yóò ní táyà náà rin mítà 37 ààbọ̀ láì tíì yí tó ìdá mẹ́rin kan.

Kákúlétọ̀ náà máa ń ṣini lọ́nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ tẹ sin 30. Bó bá mú 0.5 wá, dígírì ló wà. Bó bá mú −0.988 wá, rédíánì ló wà.