Ìtàn Ẹni tó Hun Apẹ̀rẹ̀ àti Ohun tí Oníbàárà Fẹ́ Mọ̀

Apẹ̀rẹ̀ koríko tí wọ́n ń hun ní agbègbè Bolgatanga, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, sábà máa ń dé òkè òkun ní pẹlẹbẹ, torí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí púpọ̀ lè wọ inú páálí kan. Oníbàárà tí kò mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́. Ohun tó yẹ kó kà kò ju èyí lọ: “Fi omi rin ín dáadáa, fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe yẹ kó rí, kí o sì jẹ́ kó gbẹ. Má jẹ́ kí awọ ọwọ́ rẹ̀ kan omi.” Bí ọ̀rọ̀ yìí bá wà nísàlẹ̀ ìtàn gígùn nípa ìyá tó hun apẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń fi fóònù wo ọjà lè má dé ibẹ̀ rárá.

Ìwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú. Kí wọ́n wọn fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì wọn gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: láti ìdí dé ètè, àti láti ìdí dé orí ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e. Ẹni tó kà pé gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 42, tí kò mọ̀ pé 17 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ nìkan, yóò ra ohun tí kò lè gba ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀n ni ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti ìkìlọ̀ pé aró rẹ̀ lè ràn mọ́ aṣọ bó bá tutù.

Ìtàn lè wá tẹ̀ lé e, ní gbólóhùn mẹ́ta péré, bí irú èyí: “Obìnrin kan lágbègbè Bolgatanga ló hun apẹ̀rẹ̀ yìí. Ó la koríko sí méjì, ó lọ́ ọ kó lè le, ó sì fi omi gbígbóná pa á láró kó tó hun ún. Ojú àti ọwọ́ ló fi díwọ̀n, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà méjì lé tàbí dín.” Ìtàn yìí wúlò torí pé ó sọ ohun tó mú kí apẹ̀rẹ̀ náà le, ó sì sọ ìdí tí méjì kì í fi í bára dọ́gba. Pé obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín tàbí pé ó ń kọrin nídìí iṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa ọjà.

Ìtàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Oníṣẹ́ awọ ló sábà máa ń rán awọ sí ọwọ́ apẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó hun ún; àkọsílẹ̀ tó ní ẹnì kan ló ṣe gbogbo rẹ̀ fi iṣẹ́ ẹlòmíràn pamọ́. Bí àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan bá ti dàpọ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ni kí wọ́n kọ. Orúkọ ẹnì kan kò sì gbọ́dọ̀ wọlé láìgba àṣẹ rẹ̀.

Kí olùtajà fi ọwọ́ bo ìtàn náà, kó ka ìyókù. Bí ìyókù náà kò bá tó fún ẹni tó fẹ́ rà á, àkọsílẹ̀ náà kò tíì pé.