Kí O Tó Ka Àwòrán Inú Rẹ̀

Bí a ṣe kúrò ní Tóògéètì Ìbàdàn, tí a dorí kọ Ṣàgámù, bọ́ọ̀dù gbàgàdà kan yọ níwájú: onígun mẹ́rin, àwọ̀ ewé, tí wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ orúkọ ìlú sí pẹ̀lú ọfà. Bàbá tó ń wa ọkọ̀ wa ò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyẹn ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí. "Ó kàn ń júwe ọ̀nà fún ọ ni." Ẹni tí kò bá kà á lè ṣìnà, àmọ́ kò rú òfin.

Nígbà tó yá, mo rí onígun mẹ́ta tí ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè. Etí rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ funfun, wọ́n sì fi dúdú ya ọ̀nà tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ sí i. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Bàbá ti dín eré kù kí kọ́nà náà tó hàn sí mi rárá.

Ní ẹnu ìlú la ti bá àwọn róbótó pàdé, àṣẹ sì ni gbogbo wọn. Èyí tí etí rẹ̀ pupa, tó kọ 50 sínú, ń sọ pé o kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan. Èyí tó jẹ́ búlúù látòkè délẹ̀, tó ní ọfà funfun, kò ka èèwọ̀ kankan fún ọ. Ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe ló ń sọ: ibi tí ọfà kọjú sí ni kí o gbà. Mo wá rí èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ pupa, tí ìlà pupa sì dábùú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀wo ni ti èyí?"

"Má gbé ọkọ̀ síbí ni. Etí ni kí o kọ́kọ́ wò, ọmọ mi."

Ní oríta kan, oòrùn ti pá pupa ara àmì kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, kò sì sí lẹ́tà tó ṣeé kà níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ igun mẹ́jọ rẹ̀ pé. Bàbá dúró pátápátá, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, kí wọ́n tó kọjá. Nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Fiẹ́nà lọ́dún 1968 lórí àmì ojú ọ̀nà, kò sí àmì mìíràn tó ní igun mẹ́jọ. Nítorí náà, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà kejì, tó jẹ́ ẹ̀yìn irin náà nìkan ló ń rí, mọ̀ pé ìwọ ló yẹ kó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni onígun mẹ́ta tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò: òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, "fún wọn lọ́nà" ló sì ń wí. Ó jọ ìkìlọ̀ lójú ẹni tó ń sáré, àmọ́ àṣẹ ni.

Àwọ̀ lè ṣá, bátànì kì í ṣá. Ohun tó ń ba iṣẹ́ bátànì jẹ́ ni pósítà. Ẹ̀yin olóṣèlú àti oníwàásù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ògiri mìíràn lẹ tiyín mọ́.